Èèyàn Mélòó Ló Wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ìdí Tí Iye Ìkànìyàn àti Ìfojúdá Ìjọba Kì Í Fi Í Dọ́gba

Ẹni tó bá ń wá iye èèyàn tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò tètè bá pàdé. Àbájáde ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé 154,032. Iye kan tó ti tàn káàkiri orí ayélujára sọ pé 222,653 ni wọ́n ní ọdún 2007. Bí èèyàn bá sì mú iye 2006, tó fi ìwọ̀n tí èèyàn Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń pọ̀ sí i ṣírò rẹ̀ dé ọdún 2022, nǹkan bí 262,000 ni yóò rí.

Ẹ wo méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n èèyàn 68,621 ni èkejì fi ju èkíní lọ. Kò sí ìlú tó lè bímọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láàárín 2006 sí 2007 tó lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bẹ́ẹ̀ wọ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé iye méjèèjì kò ka nǹkan kan náà, wọn kò sì ti orísun kan náà wá. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ pariwo pé ìjọba ń pa iye wa mọ́lẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó ń fi í sọ pé Ìjẹ̀bú-Òde ti di ìlú ńlá lójijì. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ká tó lè mọ ìdí tí iye wọ̀nyí fi ń ta kora, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kànìyàn gan-an, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìfojúdá lẹ́yìn tí ìkànìyàn bá ti kọjá.

Ìkànìyàn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kan ilẹ̀kùn. Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ni Àjọ Ètò Ìkànìyàn ti máa ń gé gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí sí àgbègbè kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ìwọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ lè kà tán láàárín ọjọ́ tí wọ́n yàn fún wọn. Ní ìlú, irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ lè má ju ojúlé díẹ̀ ní àdúgbò kan lọ. Ní oko, ó lè jẹ́ abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa pọ̀. Wọ́n á ya máàpù rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí èèyàn lè fi mọ ààlà rẹ̀ sílẹ̀: títì, odò, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, igi ńlá. Fún ìkànìyàn 2006, wọ́n lo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí gan-an. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì ṣe àkọsílẹ̀ àwọn agbo ilé tó wà nínú rẹ̀. Agbo ilé níhìn-ín ni àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Nítorí náà, ilé alájà kan lè ní agbo ilé mẹ́fà nínú.

Bí wọ́n bá gé àgbègbè wọ̀nyí lọ́nà tó péye, iṣẹ́ ti tó ìdajì. Bí ààlà wọn kò bá hàn, òṣìṣẹ́ méjì lè ka ilé kan náà, tàbí kí àwọn méjèèjì fi ilé kan sílẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rò pé ti ẹnìkejì ni. Ibi tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé tuntun lẹ́yìn tí wọ́n ti ya máàpù tán. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe ń yára dìde lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀ yóò mọ pé máàpù tí wọ́n yà lónìí lè ti di ti àná kó tó pé ọdún mẹ́ta.

Ìkànìyàn 2006 wáyé láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọjọ́ méjì kún un, tó fi parí ní ọjọ́ 27. Ìjọba ní kí àwọn èèyàn jókòó sílé, wọ́n sì dín ìrìn-àjò kù, nítorí òfin tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé lórí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú ṣẹ: ibi tí wọ́n bá ti bá ọ ni wọ́n á ti kà ọ́. Ìlú tí bàbá rẹ ti wá kọ́ ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi tí o kọ́ ilé sí.

Òfin yìí ni ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ju gbogbo nǹkan yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé alájà kan ní Pórógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá àgbà kan ń gbé lókè pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tó ń lọ sí ilé ìwé girama. Àwọn ayálégbé méjì wà nísàlẹ̀, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì ní yàrá kan, aránṣọ kan tí kò tíì gbéyàwó ní yàrá kejì. Yàrá mẹ́rin tó kù lókè wà ní títì pa. Àwọn ọmọ ìyá ló ni wọ́n, márùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn ló wà ní Èkó pẹ̀lú ìdílé wọn, wọ́n sì máa ń wálé nígbà Iléyá, nígbà Ọdún Ajinde, àti bí ìnáwó bá wà.

Òṣìṣẹ́ ìkànìyàn wọlé. “Ẹ kú ilé o, mà. Àwa làwọn tó ń kànìyàn.”

“Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ jókòó.”

“Mà, èèyàn mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín lókè níbí?”

“Ilé wa kún o. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, gbogbo wọn ló yè, gbogbo wọn ló sì ti bímọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ilé wọn nìyí, ẹ wo yàrá wọn.”

“Olúwa á dá wọn sí, mà. Ṣé wọ́n wà nílé báyìí?”

“Èkó ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n.”

Bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, èèyàn méjì ni yóò kọ sílẹ̀ fún òkè, márùn-ún fún ìsàlẹ̀. Èèyàn méje nínú ilé oníyàrá púpọ̀. Ó ń dun ìyá náà, mo sì mọ ìdí tó fi ń dùn ún, nítorí lójú rẹ̀ ilé náà kò ṣófo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ àwọn ọmọ márùn-ún yẹn sílẹ̀ ní Pórógun, tí wọ́n sì tún kà wọ́n ní Súrùlérè àti Ìkòròdú níbi tí wọ́n jókòó sí, a ti kà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọn kò bá sì sí nílé ní Èkó nígbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dé, a kò kà wọ́n rárá.

Ilé bíi ti ìyá yìí pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Nínú àwọn ìlú kéékèèké, ilé ńláńlá tí ọmọ ìlú tó rí ṣe ní Èkó kọ́ máa ń wà ní títì pa, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, tó rí bí ọ̀nà ṣe kún fún ọkọ̀ àti ẹṣin àti ẹgbẹ́ nínú aṣọ, yóò ní ìlú yìí ti ju ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní 2006, Iléyá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ní oṣù kìíní, ó sì tún bọ́ sí ìparí ọdún, ní oṣù kejìlá. Oṣù kẹta ni ìkànìyàn wáyé. Ìlú ti dákẹ́ nígbà náà, àwọn tó wà ní Èkó sì wà ní Èkó. Ohun tí 154,032 ń sọ ni iye àwọn tí wọ́n bá ní ibẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Bí èèyàn bá ń wá iye àwọn tó ń pe Ìjẹ̀bú-Òde ní ilé wọn, ìkànìyàn kò ní ìdáhùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò yàtọ̀. Ìlú tó ní yunifásítì, bíi Àgọ́-Ìwòyè níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà, tàbí Ìlíṣàn níbi tí Babcock wà, iye tí ìkànìyàn máa rí níbẹ̀ dá lórí bóyá ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi. Ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni, ọjọ́ ìkànìyàn nìkan ló yí padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì ti wọlé tàbí kí wọ́n ti jáde.

Ó kan ọ̀rọ̀ ààlà, èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà ronú sí. Iye 154,032 tí gbogbo wa ń pè ní ti Ìjẹ̀bú-Òde, ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìpele tó kéré jù tí wọ́n gbé àbájáde 2006 jáde dé fún aráàlú. Wọn kò fi orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan síta pẹ̀lú iye èèyàn inú rẹ̀. Bí ìlú bá ti gbòòrò kọjá ààlà kánsù rẹ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì ààlà, ìjọba ìbílẹ̀ míì ló ń ka wọn mọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń ná, tí ọmọ wọn sì ń lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ìlú gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe rí i, tó pa gbogbo ilé tó so mọ́ra pọ̀, yóò ní iye tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó dúró lé ààlà kánsù. Ẹni tó bá sì ń fi 1991 wé 2006 gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ìjọba ìbílẹ̀ 589 ló wà ní Nàìjíríà nígbà ìkànìyàn 1991, ṣùgbọ́n 774 ni wọ́n jẹ́ ní 2006. Orúkọ kan náà lè máa tọ́ka sí ilẹ̀ tí kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣàgámù ló fi èyí hàn jù. Ìkànìyàn 2006 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù ní 253,412, èyí tó ju ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 99,000. Àwọn kan fi èyí sọ pé ìlú Ṣàgámù ti tóbi ju ìlú Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye yìí kò lè sọ ọ́ fún wa. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù kan náà ni Ògíjó wà, tó jìnnà sí Ọ̀fìn àti Mákùn tó wà nínú ìlú Ṣàgámù, tó sì fara kan Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Ògíjó, owó ilé tó wọ́n ní Èkó ló lé wọn débẹ̀, òwúrọ̀ sì ni wọ́n ń padà wọ Èkó lọ sí iṣẹ́. Símàwá náà wà níbẹ̀, lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bá ro Ṣàgámù, Ògíjó, Símàwá àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn pọ̀ sí ojú kan, iye tó jáde kì í ṣe ti ìlú kankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìfojúdá ló kàn. Láti 2006 títí di òní, wọn kò tíì ka èèyàn ní Nàìjíríà mọ́. Gbogbo iye tí ìjọba ń gbé jáde láti ìgbà náà, yálà ó wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni o tàbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣètò ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, orí tábìlì ni wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á wo iye tó wà nígbà ìkànìyàn méjì tó gbẹ̀yìn, wọ́n á wá ìwọ̀n tí ó fi pọ̀ sí i lọ́dọọdún, wọ́n á sì rò pé ìwọ̀n náà kò ní yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún Ògùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, wọ́n ka èèyàn 2,333,726 ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kẹta 2006, wọ́n ka 3,751,140. Ọdún mẹ́rìnlá lé oṣù mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Bí a bá ṣírò rẹ̀, iye èèyàn Ògùn ń fi díẹ̀ dín ní ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí èlé owó tí a kò gbà, tí wọ́n ń rò mọ́ ojú owó, ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́: èèyàn ọdún yìí ni wọ́n fi ń ṣírò ti ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe ti 2006 nìkan. Bí a bá fi ìwọ̀n náà lé 3,751,140 lórí fún ọdún mẹ́rìndínlógún, èèyàn bíi 6,370,000 la óò rí. Iye tí ìjọba gbé jáde fún Ògùn ní 2022 ni 6,379,500. Ẹ rí i pé kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ lè ṣe é nílé.

Wọ́n máa ń fi ìwọ̀n kan náà yẹn bá ìjọba ìbílẹ̀ lò. Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 154,032. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìwọ̀n yìí á fi nǹkan bí 5,200 kún un. Tó bá fi máa di ọdún kẹwàá, ó ti di bíi 214,500. Ní 2022, ó ti dé bíi 262,000. Ibi tí iye kẹta tí mo mẹ́nu bà lókè ti wá nìyẹn. Kò sí ẹnì kankan nínú èèyàn bíi 108,000 tó fi ju ti 2006 lọ tí ẹnikẹ́ni kà. Ìṣirò ló bí wọn.

Ìṣirò náà fi ara rẹ̀ hàn bí a bá yí ohun díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ká ní ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ń lọ sí Èkó àti òkè òkun, tí ìlú náà fi ń pọ̀ sí i ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún dípò ìdá tó sún mọ́ 3.4. Èèyàn bíi 228,700 ni yóò wà níbẹ̀ ní 2022. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ti di èèyàn tó lé ní 33,000. Bí ọdún bá sì ṣe ń jìnnà sí ìkànìyàn tó kẹ́yìn tó, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ṣe ń gbòòrò.

Ohun tó mú mi káàánú jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń ṣe bí ẹni pé gbogbo apá Ògùn ló ń dàgbà bákan náà. Ìwọ̀n 3.4 yẹn, àwọn èèyàn tó ń rọ́ wá láti Èkó ló gbé e ga, wọ́n sì ń rọ́ wá sí Ọ̀tà àti Ìfọ̀, wọ́n ń rọ́ wá sí Ògíjó pẹ̀lú. Ìlú tó wà ní inú lọ́hùn-ún, ní Àríwá Rẹ́mọ tàbí ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n kan náà bá gbogbo wọn lò, wọ́n á bu iye tó pọ̀ jù fún ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kúrò, wọ́n á sì bu iye tó kéré jù fún Ògíjó. Lórí ìwé, iye ìpínlẹ̀ lè sún mọ́ òtítọ́ síbẹ̀, torí ohun tó lé ní apá kan ti dí ohun tó dín ní apá kejì. Ní ìpele ìlú ni ó ti bàjẹ́, ìpele ìlú sì ni wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé iye kan kò tọ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èèyàn àgbègbè kan. Bí òṣìṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá dúró lé 154,032, ọmọ bíi 6,160 ni yóò máa retí. Bí ó bá lo 262,000, yóò máa retí bíi 10,480. Ká wá ní ọmọ 7,000 ló gba abẹ́rẹ́ lọ́dún náà. Lórí iye àkọ́kọ́, ó ti fún ìdá 114 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò ṣeé ṣe, torí o kò lè fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ju iye ọmọ tó wà lọ. Lórí iye kejì, ìdá 67 péré ni, ìyẹn ni pé ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án ló ṣì wà nílé láìgba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ṣe, ọmọ kan náà ló fún, ṣùgbọ́n iye kan á gba ìyìn fún un, èkejì á ní kó lọ ṣe àlàyé. Òótọ́ sì lè wà láàárín méjèèjì, nítorí àwọn ìyá láti àwọn ìlú àyíká náà máa ń gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n á fi kún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n wà nínú àwọn tí a ń retí. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí ìròyìn pé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní ibì kan, iye èèyàn ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Owó náà ń tẹ̀lé iye wọ̀nyí. Nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye èèyàn ló ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò nìkan rí ní Nàìjíríà. Ìjọba ológun fagi lé èyí tí wọ́n ṣe ní 1973. Lẹ́yìn ti 2006, Èkó kọ iye 9 mílíọ̀nù tí wọ́n fún wọn, wọ́n ní ìkànìyàn tí àwọn fúnra wọn ṣe fi hàn pé èèyàn tó lé ní 17 mílíọ̀nù ló wà ní ìpínlẹ̀ náà. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ó kàn wá ní Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n: ọmọ Ìjẹ̀bú kò kéré nínú àwọn tí Èkó àti Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń jà lé lórí yẹn.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí kò ní ẹ̀jọ́ nínú. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìjọba ní ìgbẹ̀yìn. Fún Ògùn, 3,728,098 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, kó tó di 3,751,140 nígbà tí wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù wò tán. Èèyàn 23,042 ni ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ bá rí ìwé méjì tó jọ ń sọ̀rọ̀ ìkànìyàn 2006 tí iye wọn fi díẹ̀ yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èkíní mú iye àkọ́kọ́, èkejì mú ti ìkẹyìn.

Ní 2023, wọ́n ti múra láti tún èèyàn kà. Ẹ̀rọ alágbèéká ni òṣìṣẹ́ máa fi kọ ìdáhùn sílẹ̀ dípò fọ́ọ̀mù, àwọn àgbègbè ìkànìyàn sì ti wà nílẹ̀. Oṣù kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, wọ́n sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, kó tó di pé Ààrẹ Mùhámmádù Bùhárí ní ìparí oṣù kẹrin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọba tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, ilé tuntun ti kún Ògíjó àti ọ̀nà Ṣàgámù, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ka èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún máàpù wò kí wọ́n tó rán òṣìṣẹ́ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1991 ló yẹ kí a máa fi retí ọjọ́ náà. Kó tó di ìgbà náà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1963 ni ìkànìyàn tó kẹ́yìn tí gbogbo ìfojúdá dúró lé lórí, wọ́n sì ti ń ṣírò pé èèyàn Nàìjíríà ti ju 110 mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n tán, díẹ̀ dín ní 89 mílíọ̀nù ni. Kì í ṣe pé èèyàn ogún mílíọ̀nù kú. Wọn kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò tó dúró lé ìpìlẹ̀ tí kò dáa ló ń gbé wọn kiri lórí ìwé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 262,000 ti Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lè jẹ́ pé iye tó máa jáde á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dá mi lójú ni pé bí wọ́n bá tún fi òfin kan náà kà wá, àwọn yàrá tó wà ní títì pa lókè ilé wa kò ní fi ẹnì kankan kún iye wa, Ògíjó á sì gbé iye Ṣàgámù sókè ju bí ìlú Ṣàgámù fúnra rẹ̀ ṣe tóbi lọ. Ohun tí àwọn aṣojú wa lè béèrè láti ìsinsìnyí ni pé kí wọ́n gbé iye èèyàn jáde ní ìlú-ìlú, kó má parí sí ìjọba ìbílẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ á ti kọ orúkọ ìlú sílẹ̀ kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.